Ẹ̀dà ọ̀rọ̀ àwárí: àlàyé ìlò, pẹ̀lú «ibà» gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ

ẹ̀dà ọ̀rọ̀ àwárí (àpólà-orúkọ). Ọ̀rọ̀, àpólà tàbí ọ̀nà ìkọ̀wé mìíràn tí ó dúró fún ohun kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí òǹkàwé tẹ̀ sínú ẹ̀rọ àwárí, tí òǹkọ̀wé lè lò nínú àròkọ orí ayélujára kí ọ̀rọ̀ kan má baà máa padà wá ní gbogbo gbólóhùn. *Àpẹẹrẹ:* «Màléríà» jẹ́ ẹ̀dà ọ̀rọ̀ àwárí fún «ibà ẹ̀fọn».

àpólà alábàárìn (àpólà-orúkọ). Ọ̀rọ̀ tàbí àpólà tí kì í ṣe orúkọ ohun náà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó máa ń bá a rìn nínú ọ̀rọ̀ gbogbo ẹni tó mọ ohun náà. *Àpẹẹrẹ:* «Àwọ̀n ẹ̀fọn» àti «ara gbígbóná» jẹ́ àpólà alábàárìn fún «ibà».

Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì

Ẹ̀dà lè gba ipò ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kí òtítọ́ gbólóhùn má sì yí padà. Alábàárìn kò lè gba ipò rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa ń wà. Nígbà tí òǹkọ̀wé bá fi alábàárìn sí ipò ẹ̀dà, irọ́ ni gbólóhùn rẹ̀ máa ń dà, bí kò tilẹ̀ jẹ́ pé irọ́ ló fẹ́ pa. Nínú àròkọ tó dá lórí oúnjẹ tàbí aṣọ, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lè má ju ẹ̀rín lọ. Nínú àròkọ tó dá lórí àìsàn, ìyá ọmọ tó ń kà á lóru lórí fóònù rẹ̀ ni yóò san gbèsè àṣìṣe náà. Ìdí nìyí tí a fi yan «ibà» fún àlàyé yìí: ọ̀rọ̀ náà kúrú, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n, ó sì ní ọ̀pọ̀ ìbátan tí ó jọ ẹ̀dà ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ẹ̀dà.

Ibi tí àtúnsọ ti wá

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ àwárí kò ṣe ju kí ó fi lẹ́tà wé lẹ́tà. Ojú-ìwé tí ọ̀rọ̀ kan ti fara hàn jù ni ó máa ń rò pé ó sọ̀rọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà jù. Àwọn òǹkọ̀wé mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń tún ọ̀rọ̀ kan sọ títí yóò fi sú òǹkàwé. Àwọn mìíràn ń to ọ̀rọ̀ jọ sínú àmì `meta keywords`, èyí tí òǹkàwé kò lè rí lójú ìwé. Àsìkò yẹn ti kọjá. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, Gúgù kéde pé òun kì í lo àmì yẹn láti fi to àbájáde àwárí lẹ́sẹẹsẹ. Nínú ìlànà tí ilé-iṣẹ́ náà kọ fún àwọn tó ni ìkànnì, ó ka fífi ọ̀rọ̀ kan kún ojú-ìwé ní àkúnjù mọ́ ìwà ẹ̀tàn tó lè mú kí ojú-ìwé rẹ̀yìn nínú àbájáde.

Síbẹ̀, àṣà kì í tètè kú. Ẹ wo ìpínrọ̀ yìí, tí a kọ fún àpẹẹrẹ ní irú ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ìkànnì ń gbà kọ ọ́:

> Ibà jẹ́ àrùn. Ibà ń pa ọmọdé. Tí o bá ní ibà, wá ìtọ́jú ibà. Ìtọ́jú ibà wà fún ẹni tó ní ibà, oògùn ibà sì wà fún ìtọ́jú ibà.

Ọgbọ̀n ọ̀rọ̀ ni gbogbo rẹ̀. «Ibà» nìkan gba ipò 8 nínú wọn. Ẹni tó bá kà á sókè yóò gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń kan etí bí òòlù. Èyí tó burú jù ni pé kò sọ ohunkóhun. Kò sọ ohun tó ń fa ibà, bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n, tàbí ibi tí a ó ti gba ìtọ́jú. Bí a bá rí àtúnsọ tó pọ̀ tó báyìí, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí a fura sí ni pé òǹkọ̀wé kò ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ láti sọ. Ẹ̀dà ọ̀rọ̀ kò lè wo àìsàn yẹn sàn. Kí a kọ́kọ́ ní ohun tí a fẹ́ sọ, lẹ́yìn náà ni kí a wá ẹ̀dà.

Orísun ẹ̀dà kìíní: ìkọ̀wé

Ẹ̀dà tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ jù lọ ni ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ní ìmúra mìíràn. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé Yorùbá kì í tẹ àmì ohùn tàbí àmì ìsàlẹ̀ sórí fóònù wọn. «Iba» lásán ni wọn yóò tẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta yìí sì lè dúró fún «ibà», èyí tí í ṣe àìsàn, tàbí «ìbà», èyí tí à ń jú fún àgbà àti fún àwọn tó ṣáájú. Ìlú kan tilẹ̀ wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó tí a ń kọ orúkọ rẹ̀ bákan náà bí kò bá sí àmì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni «efon»: ó lè jẹ́ «ẹ̀fọn» tó ń mu ẹ̀jẹ̀, ó sì lè jẹ́ «ẹfọ̀n», ẹran ńlá inú igbó.

Àwọn kan rò pé ojútùú rẹ̀ ni kí a kọ àròkọ láìlo àmì. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àmì ni ó ń jẹ́ kí òǹkàwé mọ ohun tí a sọ. Ohun tó ń ran ẹ̀rọ àwárí lọ́wọ́ láti mọ èwo nínú «ibà» àti «ìbà» ni ojú-ìwé náà ń sọ ni àwọn alábàárìn tó yí i ká. Bí ẹ̀fọn, oògùn, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ilé ìwòsàn bá wà nítòsí, kò sí ẹni tí yóò rò pé ìjúbà ni. Nítorí náà, àròkọ tó tún «ibà» sọ nígbà 30 láìsí alábàárìn kò yé ẹ̀rọ tó èyí tó sọ ọ́ nígbà 5 láàárín àwọn ẹbí rẹ̀.

Ibi kan wà tí kíkọ láìsí àmì ti bójú mu: àdírẹ́sì ojú-ìwé. `/itoju-iba` rọrùn láti fi ránṣẹ́, kì í sì í yí padà di àwọn nọ́ńbà àti àmì ìdá-ọgọ́rùn-ún bí a bá dà á kọ. Kí àkọlé ojú-ìwé àti àròkọ fúnra rẹ̀ ní àmì wọn pé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe to «iba, Iba, ìbà, ibá» sí ìsàlẹ̀ ojú-ìwé nítorí àwọn tó ń ṣi ọ̀rọ̀ tẹ̀. Àkúnjù tí a mẹ́nu bà lókè gan-an nìyẹn.

Ìṣòro kan tún fara sin sínú lẹ́tà fúnra wọn. Lẹ́tà tó jọ ara wọn lójú lè má jẹ́ ọ̀kan náà nínú kọ̀ǹpútà. «Ẹ̀» kékeré, fún àpẹẹrẹ, lè wá ní ọ̀nà wọ̀nyí:

```
U+1EB9 U+0300
U+0065 U+0323 U+0300
U+0065 U+0329 U+0300
```

Ọ̀nà méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ohun kan náà nínú ìlànà Yúníkóòdù, wọ́n sì máa ń di ọ̀kan bí a bá mú wọn wá sí ìrísí `NFC`. Ẹ̀kẹta lo ìlà òòró ní ìsàlẹ̀ dípò àmì tóótó. `NFC` kò lè sọ ọ́ di ọ̀kan pẹ̀lú àwọn yòókù. Bí òǹkọ̀wé méjì bá ń kọ sí ìkànnì kan, tí ọ̀kan lo tóótó, tí èkejì lo ìlà, ẹni tó bá wá «ẹ̀fọn» nínú ìkànnì náà lè rí ìdajì àròkọ kí ó sì rò pé òun ti rí gbogbo rẹ̀. A máa ń mọ̀ báyìí: ẹ ṣí ojú-ìwé kan, ẹ tẹ `Ctrl+F`, kí ẹ wá ọ̀rọ̀ tí ẹ ń fi ojú ara yín rí. Bí ẹ̀rọ bá ní kò sí níbẹ̀, lẹ́tà yàtọ̀ ni.

Ẹni tó ń bójú tó àwárí inú ìkànnì lè bọ́ àmì kúrò lára ohun tí òǹkàwé tẹ̀ àti lára ẹ̀dà àròkọ tí ẹ̀rọ fi pamọ́, kí méjèèjì lè pàdé:

```
import unicodedata
def bo_ami(oro):
    d = unicodedata.normalize("NFD", oro)
    return "".join(c for c in d if not unicodedata.combining(c))
```

Pẹ̀lú èyí, «ìtọ́jú ibà» yóò di `itoju iba`, ìlà òòró àti tóótó yóò sì kúrò bákan náà. Àbùkù rẹ̀ ni pé yóò sọ ẹ̀fọn àti ẹfọ̀n di ọ̀kan. Ojú-ìwé tí òǹkàwé yóò rí kò gbọ́dọ̀ kọjá lọ́wọ́ iṣẹ́ yìí; àtòjọ àwárí tó wà lẹ́yìn aṣọ nìkan ni ó wà fún.

Orísun ẹ̀dà kejì: gírámà

Èdè Yorùbá fún wa ní ẹ̀dà lọ́fẹ̀ẹ́ nípa ìsọdorúkọ. Láti inú ọ̀rọ̀-ìṣe «tọ́jú», a rí «ìtọ́jú ibà», «títọ́jú ibà» àti «bí a ṣe ń tọ́jú ibà». Láti inú «dènà», a rí «ìdènà ibà», «dídènà ibà» àti «bí a ṣe lè dènà ibà». Láti inú «fà», a rí «okùnfà ibà», «ohun tó ń fa ibà» àti «kí ló ń fa ibà?» Gbogbo wọn ni òǹkàwé ń tẹ̀. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé sábà máa ń tẹ orúkọ: «okùnfà». Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò yá máa ń tẹ ìbéèrè: «kí ló ń fa». Òǹkọ̀wé tó bá fi orúkọ sí àkọlé, tó fi ìbéèrè sí àkọlé kékeré, tó sì lo ọ̀rọ̀-ìṣe nínú gbólóhùn ti pàdé àwọn méjèèjì láìtún ohun kan sọ.

*Ìkìlọ̀ ìlò.* Àwọn ìrísí wọ̀nyí kì í fi ìgbà gbogbo gba ipò ara wọn. «Ìtọ́jú» lè jẹ́ ohun tí a ń rí gbà. «Títọ́jú» jẹ́ ìṣe fúnra rẹ̀. A lè sọ pé «ìtọ́jú ibà wà ní ilé ìwòsàn yìí», ṣùgbọ́n «títọ́jú ibà wà ní ilé ìwòsàn yìí» kò dùn létí ẹni tó gbọ́ èdè. Ní ìdà kejì, «títọ́jú ibà ní kíákíá ṣe pàtàkì» dára, ó sì tẹ́ létí ju «ìtọ́jú ibà ní kíákíá» lọ. Kí a sì ṣọ́ra fún «àìtọ́jú». Nínú àtòjọ tí ẹ̀rọ bá to, ó lè jókòó ti «ìtọ́jú» bí àbúrò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òdìkejì rẹ̀ pátápátá ni.

Arọ́pò-orúkọ náà jẹ́ ọ̀nà láti dín àtúnsọ kù, òun ni ó sì máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹni tó ń sọ Yorùbá lẹ́nu. Ṣùgbọ́n «ó» kò yan akọ, kò yan abo, kò yan ènìyàn, kò yan nǹkan. Ẹ wo gbólóhùn yìí: «Ẹ̀fọn ń gbé kòkòrò ibà wọ ara ọmọ. Ó lè kú.» Ta ni ó lè kú? Ẹ̀fọn ni, kòkòrò ni, àbí ọmọ? Nígbà tí orúkọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ti wà nínú gbólóhùn tó ṣáájú, kí a lo orúkọ gbòòrò pẹ̀lú «náà» tàbí «yìí»: «àrùn náà», «àìsàn yìí», «ọmọ náà». Òfin kan ṣoṣo ni èyí ní: kí a ti dárúkọ ohun náà gan-an nínú ìpínrọ̀ kan náà. Ẹni tó bá ti orí àbájáde àwárí wọlé máa ń fò lọ tààrà sí àkọlé kékeré tó kàn án. Bí ó bá bá «àrùn náà» pàdé níbẹ̀, tí kò sì rí orúkọ rẹ̀, ó ti sọnù.

Orísun ẹ̀dà kẹta: ìtumọ̀

Ibí yìí ni ewu wà. Ọ̀nà tó rọrùn láti fi dán ẹ̀dà wò ni pé kí a kọ gbólóhùn kan tó jẹ́ òtítọ́ pọ́ńbélé nípa ohun náà, kí a sì fi ọ̀rọ̀ tuntun sí ipò ti àtijọ́. Fún ibà tí à ń sọ yìí, a yan gbólóhùn yìí: «Abo ẹ̀fọn Anọ́fẹ́líìsì ló ń kó ___ ranni.»

*Màléríà.* Gbólóhùn náà ṣì jẹ́ òtítọ́. Ẹ̀dà tòótọ́ ni. Àwọn kan ń kọ ọ́ ní «màláríà». Kí òǹkọ̀wé yan ọ̀kan, kí ó sì dúró tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin àròkọ.

*Ibà ẹ̀fọn.* Ó ṣì jẹ́ òtítọ́ nípa màléríà. Ó tilẹ̀ dára ju «ibà» lásán lọ, nítorí pé «ibà» nìkan gbòòrò: lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, ara gbígbóná èyíkéyìí ni ibà. Ó dára kí a lo «ibà ẹ̀fọn» nígbà àkọ́kọ́ tí a bá dárúkọ rẹ̀, kí «ibà» lè máa tẹ̀ lé e. Kí a rántí pé ẹ̀fọn mìíràn ń kó àrùn ibà mìíràn, nítorí náà kí «màléríà» wà nítòsí láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

*Akọ ibà.* Gbólóhùn náà dúró, ṣùgbọ́n ó ti dín kù. Akọ ibà ni ibà tó le gan-an. Bí a bá fi í pe gbogbo ibà, a ó dẹ́rù ba ẹni tí tirẹ̀ kò le. Èyí tó tún burú jù ni pé ẹni tí tirẹ̀ le lóòótọ́ kò ní rí ìyàtọ̀ mọ́. Kì í ṣe ẹ̀dà. Irú kan nínú ibà ni.

*Ibà pọ́njú.* Gbólóhùn náà wó. Ọ̀rọ̀-ìṣe «pọ́n» ni ó wà nínú orúkọ yìí, èyí tí Yorùbá ń lò fún àwọ̀ pupa àti àwọ̀ èso tó gbó. Ojú aláìsàn tó yí padà ni a fi sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn kan ń fi pe àrùn fáírọ́ọ̀sì kan tí ẹ̀fọn Èdíìsì ń kó ranni, èyí tó sábà máa ń jẹ ni ní ojúmọmọ, tí abẹ́rẹ́ àjẹsára sì wà fún. Àwọn mìíràn ń fi pe ojú pípọ́n tí àìsàn ẹ̀dọ̀ ń fà. Oògùn màléríà kò wo èyíkéyìí nínú wọn.

*Ibà táífọ́ọ̀dù.* Ó wó. Oúnjẹ àti omi tó ní ìdọ̀tí ni kòkòrò bakitéríà rẹ̀ ń gbà wọlé. Ẹ̀fọn kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Àwọn ènìyàn máa ń pe òun àti màléríà pọ̀ bí ìbejì, èyí sì ń tan òǹkọ̀wé jẹ.

*Ibà Lásà.* Ó wó. Eku ni orísun rẹ̀, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku tó kan oúnjẹ sì ni ọ̀nà tó sábà máa ń gbà ranni. Orúkọ ìlú Lásà ní Ìpínlẹ̀ Bọ̀nọ́, níbi tí a ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní ọdún 1969, ni ó ń jẹ́.

*Ara gbígbóná, òtútù, orí fífọ́.* Wọ́n wó, nítorí pé àmì ni wọ́n, wọn kì í ṣe àrùn. Alábàárìn ni wọ́n, ipò wọn nínú àròkọ sì tóbi. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé kò mọ̀ pé ibà ló ń ṣe ọmọ wọn. Ohun tí wọ́n rí ni wọn yóò tẹ̀: «ara ọmọ mi ń gbóná».

*Yànmùyánmú.* Èyí kì í ṣe ẹ̀dà «ibà» bí kò ṣe ẹ̀dà «ẹ̀fọn». Ìwúlò rẹ̀ ni pé kò ní ìjọra kankan: bí a tilẹ̀ bọ́ gbogbo àmì kúrò, kò sí ẹni tí yóò ka `yanmuyanmu` sí ẹran igbó.

Àpẹẹrẹ tí a ṣe dé òpin

Olóòtú kan gba ìpínrọ̀ olọ́gbọ̀n ọ̀rọ̀ tí a fi hàn lókè, ó sì ní kí òǹkọ̀wé dín àtúnsọ kù. Òǹkọ̀wé ṣí àtòjọ àwọn ọ̀rọ̀ tó bá ibà tan, ó sì dá a padà báyìí:

> Ibà jẹ́ àrùn tí ẹ̀fọn ń kó ranni. Ibà pọ́njú yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orí fífọ́. Bí táífọ́ọ̀dù náà bá mú ọmọdé, ẹ tètè wá oògùn akọ ibà.

Létí, ó dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ wulẹ̀ jẹ́ òfìfo ni, èyí léwu. Àrùn mẹ́ta ni ó ti di ọ̀kan nínú gbólóhùn mẹ́ta, ó sì fi oògùn ọ̀kan rán ẹni tó ní òmíràn. Olóòtú tó bá ń wo àtúnsọ nìkan yóò gbà á wọlé. Èyí ni ó fi yẹ kí a ṣe ìdánwò ìpààrọ̀ lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe lórí ìró ìpínrọ̀.

Àtúnkọ tó tọ́ nìyí:

> Ibà ẹ̀fọn, tí a tún ń pè ní màléríà, sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ara gbígbóná, òtútù àti orí fífọ́. Yànmùyánmú ló ń gbé kòkòrò rẹ̀ láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn. Bí ara ọmọ bá ń gbóná, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, nítorí pé ara gbígbóná nìkan kò tó láti mọ̀ pé ibà ni. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé àrùn náà wà lára ọmọ, oògùn tí dókítà bá kọ ni kí ẹ fún un, kí ẹ sì rí i pé ó lò ó tán.

«Ibà» wà níbẹ̀ nígbà 2 péré: lẹ́ẹ̀kan ní ẹnu ọ̀nà, lẹ́ẹ̀kan níbi tí ìkìlọ̀ wà. «Màléríà» wà lẹ́ẹ̀kan, ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ tó ń tún ṣe, kí òǹkàwé lè mọ̀ pé ohun kan náà ni wọ́n. «Àrùn náà» wá lẹ́yìn tí a ti dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀fọn gba ẹ̀dà tirẹ̀. «Ara gbígbóná» wá lẹ́ẹ̀mejì, a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ìgbà kejì ni ó gbé ìtumọ̀ ìpínrọ̀ náà dúró: bí a bá pààrọ̀ rẹ̀, ìkìlọ̀ náà yóò dín lágbára. «Ọmọ» pẹ̀lú wà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé «wà lára rẹ̀» ìbá ti ṣókùnkùn lẹ́yìn «àyẹ̀wò» àti «àrùn».

Kókó tó yẹ kí a fà yọ nìyí: àtúnsọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Nínú ìlànà lílo oògùn, orúkọ oògùn kò gbọ́dọ̀ ní ẹ̀dà rárá. Bí ó bá yẹ kí a kọ ọ́ nígbà 6 nínú ìtọ́ni, kí a kọ ọ́ nígbà 6. Òǹkàwé tó bá rí orúkọ méjì yóò rò pé oògùn méjì ni, ó sì lè lo méjèèjì.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀dà ṣiṣẹ́

Kò sí iye pàtó tí a lè pè ní ìwọ̀n àtúnsọ tó dára. Ẹ má ṣe gba ìdá kankan gbọ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá ń tà á. Etí ni òṣùwọ̀n àkọ́kọ́. Ẹ ka ìpínrọ̀ náà sókè fún ẹlòmíràn, kí ẹ sì bi í léèrè iye àìsàn tí ẹ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ó bá ní «méjì» nígbà tí ọ̀kan ni ẹ ní lọ́kàn, ẹ̀dà kan ti di ohun mìíràn lọ́wọ́ yín.

Òṣùwọ̀n kejì ni ìròyìn tí Google Search Console ń fún ẹni tó ni ìkànnì. Níbẹ̀ ni a ti ń rí ọ̀rọ̀ tí àwọn òǹkàwé tẹ̀ kí ojú-ìwé wa tó hàn wọ́n, àti iye ìgbà tí wọ́n tẹ ojú-ìwé náà. Ohun mẹ́ta ni kí a wò. Bí `iba` láìsí àmì bá ń mú òǹkàwé wá, a mọ̀ pé àmì tí a lò nínú àròkọ kò dí ọ̀nà. Bí ìbéèrè bíi `ki lo n fa iba` bá wà níbẹ̀ tí a kò sì ní àkọlé kékeré tó dáhùn rẹ̀, ẹ̀dà tó yẹ kí a fi kún un nìyẹn, nítorí pé òǹkàwé fúnra rẹ̀ ló mú un wá. Bí `iba ponju` bá ń mú ènìyàn wá sí ojú-ìwé màléríà, kí inú wa má ṣe dùn sí i pé èrò ń pọ̀. Ẹ̀dà èké kan ti wọ inú àròkọ wa. Kí a yọ ọ́, tàbí kí a kọ gbólóhùn kan tó sọ ní kedere pé àrùn mìíràn ni, kí a sì kọ ojú-ìwé tirẹ̀ fún un.

Ìròyìn yìí ní ààlà tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn díẹ̀ péré bá tẹ̀ kì í hàn nínú rẹ̀, nítorí àṣírí àwọn tó tẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ìwárí ní èdè Yorùbá kò pọ̀ tó ti Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, kí òǹkọ̀wé má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìròyìn kò sí lẹ́nu ènìyàn. Ẹni tó bá jókòó fún wákàtí kan ní iwájú ilé ìwòsàn ọmọdé lè gbọ́ ẹ̀dà àti alábàárìn tí kò sí nínú àtòjọ ẹ̀rọ kankan.

Ìlò nínú gbólóhùn

«Olóòtú ní kí n wá *ẹ̀dà ọ̀rọ̀ àwárí* fún ‘ibà’, mo sì mú ‘màléríà’ wá.» — Ó tọ́.

«Mo fi ‘orí fífọ́’ ṣe *ẹ̀dà* ‘ibà’ nínú ìpínrọ̀ kejì.» — Kò tọ́, *alábàárìn* ni kí a sọ, kí a sì dá «ibà» padà sí ipò rẹ̀.

Ẹ tún wo: *ìsọdorúkọ*, *arọ́pò-orúkọ*, *àmì ohùn*, *ibà*, *ìbà*.